Mi ò lọ síbi ìsìnkú ìyá ọ̀rẹ́ mi, mo tún purọ́ lé e. Báwo ni mo ṣe máa bẹ̀ ẹ́?

Ìyá Tóbi Apẹ̀tẹ̀, ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú alẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn tí mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni lójúkojú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Iléṣà. A jọ ṣe kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni ni, yàrá kan náà la gbé fún ọdún mẹ́ta. Nígbà tí bàbá mi kú ní 2019, ó ku ọjọ́ méjì kí á sìnkú tó ti dé. Ẹbí ti gba gbogbo yàrá, orí ẹní ni ọ̀rẹ́ mi sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Aago méjì òru ni mo jáde tí mo bá a lẹ́yìnkùlé, ó ká aṣọ sókè, ó ń fi eérú ha ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Kò sí ẹni tó rán an.

Oṣù Kẹta ọdún yìí ni ìyá tirẹ̀ kú, ẹni ọdún 81. Wọ́n dá ìsìnkú sí ọjọ́ Ẹtì. Aṣọ ẹbí àwa ọ̀rẹ́ jẹ́ ₦38,000, gèlè sì wà lọ́tọ̀. Ilé-ìwé aládàáni ni mo ti ń kọ́ni, wọ́n sì jẹ wá ní owó oṣù méjì nígbà yẹn. Mi ò rí owó aṣọ san. Ojú tì mí láti sọ. Mo wá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ pé ara Tóbi ò yá, pé ilé ìwòsàn la wà. Mo fi ₦5,000 ránṣẹ́ sí i pẹ̀lú.

Ibi tó ti bàjẹ́ rèé. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ tí wọ́n ń sin ìyá rẹ̀ gan-an, ó pè mí pé kí òun béèrè ara ọmọ. Mo wà nílé ìwẹ̀. Tóbi ló gbé fóònù, ọmọ ọdún mẹ́fà. Mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete: "Ara mi le, Àǹtí. Mò ń jẹ ìrẹsì." Kí n tó fi ọṣẹ lára sáré jáde, wọ́n ti parí ọ̀rọ̀. Tóbi ní, "Wọ́n ní kí n kí yín."

Kò bá mi sọ ọ́ látìgbà náà. Ọ̀sẹ̀ méje rèé. Bí mo bá kí i, "Àmín" ló máa fi dá mi lóhùn, kò ní fi ohunkóhun tẹ̀ lé e. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ tinútinú. Ṣé kí n jẹ́wọ́ irọ́ náà ni, àbí kí n fi í sílẹ̀ kí n bẹ̀bẹ̀ pé mi ò wá nìkan?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, 9:21 alẹ́

Ẹ pè é báyìí, ẹ ní "má bínú". Ó parí. Ọ̀rẹ́ ọdún gbọọrọ kì í ṣe ẹni à ń kọ̀wé ẹjọ́ sí.

Alhájì Agodi, 9:40 alẹ́

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ènìyàn o. Ẹ má fi ara yín sábẹ́ ìnira jù. Kíkí ìrun sí òkú lára, ọ̀ranyàn gbogbo ìjọ ni. Bí àwọn kan bá ti ṣe é, ó ti bọ́ lọ́rùn àwọn yòókù. Ojú ẹsẹ̀ la sì ń sìnkú, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í bá a. Ní ti ìkẹ́dùn, ọjọ́ mẹ́ta làwọn onímọ̀ wa ń sọ, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ẹni tí kò sí nítòsí sílẹ̀. Bí ẹ ò bá bá fídáù ọjọ́ kẹjọ, ẹ gbìyànjú kí ẹ débi ti ogójì ọjọ́.

Ìyá Tóbi Apẹ̀tẹ̀, 9:47 alẹ́

Ẹ ṣé Alhájì. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n, sà. Wọ́n ti ṣe àìsùn, wọ́n ti sìnkú, wọ́n ti ṣe ìdúpẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Gbogbo rẹ̀ ti kọjá.

Alhájì Agodi, 9:52 alẹ́

Háà. Mi ò fara balẹ̀ kà á. Mo rí "ìsìnkú" mo ti ń sáré. Ẹ má bínú.

Sọ̀rọ̀sókè, 10:05 alẹ́

Ẹ fetí sí mi dáadáa, Ìyá Tóbi. Ẹ má jẹ́wọ́ irọ́ kankan. Ọmọ kékeré ló sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ara ọmọ lè ti yá láàárọ̀, kó sì máa jẹ ìrẹsì. Obìnrin yẹn ò ní ẹ̀rí. Bí ẹ bá jẹ́wọ́, ẹ ti fún un ní ohun tí yóò máa fi rántí yín títí ayé. Òmíràn: ẹ má dárúkọ owó rárá. Bí ẹ bá ti ní owó aṣọ ni ẹ ò ní, ẹ̀bẹ̀ yín á dà bí ẹni tó ń tọrọ owó lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ náwó òkú tán.

Télọ̀ Àkúrẹ́, 10:48 alẹ́

Èmi ni wọ́n ṣẹ̀ ní tèmi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti apá ibẹ̀.

Ọdún kẹta rèé tí bàbá mi kú. Ọ̀rẹ́ mẹ́rin tí mo gbójú lé ni kò wá. Ẹ ó rò pé ọjọ́ ìsìnkú ló dùn mí. Rárá. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ẹni tó ń sin bàbá rẹ̀ kì í ríran. Ẹni tó ń béèrè kúlà wà lọ́tùn-ún, àwọn alásè ní ẹran ò kárí, olórin ní iná ti kú, ẹ̀gbọ́n bàbá kan ń bínú pé wọn ò fún àwọn ní àga. N ò mọ ẹni tó wá, n ò mọ ẹni tí kò wá. Ó di ọjọ́ Ajé lẹ́yìn ìdúpẹ́, tí wọ́n ti ká kánópì, tí ilé dákẹ́ wẹ́lo, kí n tó wá jókòó tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ló ti dùn mí.

Nínú àwọn mẹ́rin yẹn, ọ̀kan fi àwòrán àbẹ́là ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, ó kọ "Ẹ kú ìnáwó" sí i. Mo mọ̀ pé ó ti fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn rí, nítorí àmì pé wọ́n ta á látaré wà lórí rẹ̀. Èkejì fi owó ránṣẹ́, owó ńlá, kò sọ nǹkan kan. Mo ná owó náà, inú mi ò dùn sí i. Ẹ̀kẹta ṣàlàyé fún wákàtí kan, ọkọ̀ tó bàjẹ́, ọ̀gá tó kọ̀, títí tó fi wá jẹ́ pé èmi ni mò ń ṣìpẹ̀ fún un.

Ẹ̀kẹrin dé lóṣù kejì. Kò mú nǹkan kan wá ju búrẹ́dì àti páálí mílíìkì kan. Ó dárúkọ bàbá mi. Ẹ gbọ́ o, ó dárúkọ wọn, kò sọ "olóògbé" tàbí "òkú". Ó ní, "Mi ò wá. Mo lè wá, mi ò wá. Kò sí àwáwí." Ó wá ní, "Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀." Mo sọ ọ́ láti alẹ́ tí bàbá ní omi ń gbẹ òun títí dé ìgbà tí a bu erùpẹ̀. Kò sí ẹni tó bi mí rí. Àwọn tó wá ti rí i pẹ̀lú ojú wọn, wọn ò nílò kí n sọ ọ́. Ẹni tí kò wá ló ráàyè gbọ́ ọ.

Nítorí náà, Ìyá Tóbi, ìsìnkú tí ẹ pàdánù ò ṣeé dá padà, àmọ́ ìtàn rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ yín. Ẹ lọ gbà á.

Sọ̀rọ̀sókè, ẹ̀yin ni ẹ ní kò ní ẹ̀rí. Ẹni tó dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méje, kí ló tún fẹ́ fi ẹ̀rí ṣe? Ó ti mọ̀.

Ẹ̀gbá ní Pẹ́kàmù, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:31 òru

Àwa tí a wà lókè òkun, gbogbo ìgbà ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí wa. Lórí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú ìyá tèmi gan-an, ẹni tó mú fóònù lọ́wọ́ ń gbé e kiri bí abẹ̀bẹ̀, bàtà ènìyàn ni mo rí jù. Ìwé ìgbélùú mi wà lọ́dọ̀ ìjọba, bí mo bá jáde n ò ní lè wọlé padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kò pọn dandan kéèyàn rìn. Ẹ fi ohùn ránṣẹ́. Ohùn dára ju lẹ́tà lọ, ó máa gbọ́ ẹkún lọ́fun yín. Ẹni tó bẹ̀ mí nípa ti ìyá mi, ohùn ló fi ránṣẹ́, ìṣẹ́jú méje. Mo gbọ́ ọ nínú bọ́ọ̀sì, mo sunkún kọjá ibùdókọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀.

Ìyá Alágbo, 5:50 àárọ̀

Ẹ kú ìdájí. Ọmọ mi tó wà lókè òkun, Ọlọ́run á tù ọ́ nínú. Tìrẹ yàtọ̀, omi ló là yín láàárín. Ti ọmọ yìí, Ìbàdàn sí Iléṣà ni. Tó bá wọ ọkọ̀ láàárọ̀, ó máa jẹun ọ̀sán níbẹ̀. Bí ó bá jókòó sí Apẹ̀tẹ̀ tó ń fi ohùn ránṣẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ kejì nìyẹn. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ìyá Tóbi, irú èyí ti ṣẹlẹ̀ lójú mi lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì ti sìn ènìyàn lọ bẹ̀bẹ̀ rí. Gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Má lọ lọ́jọ́ Àìkú, ọ̀pọ̀ èrò máa ń wà nílé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sìnkú tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ìwọ ò sì ní fẹ́ bẹ̀bẹ̀ níwájú èrò. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló dáa, lẹ́yìn ìgbà tó bá ti parí iṣẹ́ ilé. Má mú ọmọ dání. Tóbi lọ́rọ̀ náà dé bá, bí ó bá rí ọmọ, ọmọ ló máa ṣaájò, ìwọ á wá fi ọmọ ṣe asà. Má mú ẹ̀bùn ńlá lọ. Nǹkan jíjẹ tí kò ju ọwọ́ kan lọ, bí èyí tí ọ̀rẹ́ Télọ̀ mú wá yẹn. Bí o bá gbé owó aṣọ ẹbí lọ báyìí, o ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ọjà.

Bí o bá wọlé, kúnlẹ̀ kí o tó jókòó. Kì í ṣe nítorí pé ó jù ọ́ lọ, ẹgbẹ́ ni yín, ìkúnlẹ̀ yẹn ti ìyá rẹ̀ ni. Àgbà kan ni ìwọ kò wá sin. Ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ìkíni rẹ, "ẹ kú àṣẹ̀yìndè" ni, àti "ẹ kú ara fẹ́ra kù". "Ẹ kú ìnáwó" ti rékọjá, o ò sí níbi ìnáwó náà.

Ní ti irọ́: jẹ́wọ́ ẹ̀. Kó sì jẹ́ gbólóhùn àkọ́kọ́ tí o máa sọ. Bí o bá fi sí ìdí ọ̀rọ̀, gbogbo ohun tí o ti sọ ṣáájú ló máa tún gbọ́ bí irọ́.

Sọ̀rọ̀sókè, 7:12 àárọ̀

Mo gbà nípa irọ́. Mo ti tún un rò. Ṣùgbọ́n mi ò yí padà nípa owó o.

Télọ̀ Àkúrẹ́, 7:30 àárọ̀

Ẹ̀yin náà ní òtítọ́ díẹ̀ lápá ibẹ̀. Owó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní mọ ìdí tí ẹ fi purọ́, á sì máa rò pé ẹ ò ka ìyá òun sí ni. Àmọ́ gbólóhùn kan ni owó máa gbà, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Tí ó bá ti di mẹ́ta, ó ti di ẹ̀dùn yín, kì í ṣe tirẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un nítorí iṣẹ́ mi ni. Aṣọ ẹbí, àwọn tó ń gbà á sílẹ̀ kì í gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ìgbà, olórí ìnáwó ti san gbogbo owó fún aláṣọ kí ẹnikẹ́ni tó dá owó. Tó bá jẹ́ pé orúkọ yín wà nínú ìwé, ẹnì kan ti san tiyín sílẹ̀. Aṣọ wà níbì kan tó jẹ́ tiyín.

Ìyá Tóbi Apẹ̀tẹ̀, 8:03 alẹ́

Ẹ ṣé gan-an. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà gbàgbé nígbà tí ẹkún bá dé. Ẹ bá mi wò ó:

*Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, jọ̀ọ́ má bínú bí ohunkóhun tí mo ṣe bá dùn ọ́. Ìwọ náà mọ bí nǹkan ṣe le. Wọn ò sanwó fún wa, ọkọ̀ ti wọ́n, mo fẹ́ wá ṣùgbọ́n agbára mi ò gbé e. Mo mọ̀ pé ó máa yé ọ, nítorí o ní sùúrù. Ọlọ́run á tù ọ́ nínú, ẹ̀yìn Màmá á dára.*

Télọ̀ Àkúrẹ́, 8:19 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fà á ya.

"Bí ohunkóhun tí mo ṣe bá dùn ọ́." Ohunkóhun wo? Ẹ mọ̀ ọ́n. "Bí" yẹn ń sọ pé ó ṣeé ṣe kó máà dùn ún. "Ìwọ náà mọ̀", "ó máa yé ọ", ẹ ti gbé iṣẹ́ lé e lórí, ẹ ti sọ bó ṣe yẹ kí ara rẹ̀ rí kó tó dáhùn. Irọ́ ò sí nínú rẹ̀ rárá. Màmá wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, níbi àdúrà tí gbogbo ayé ń gbà. Ẹ̀yin tí ẹ gbé pẹ̀lú ọmọ wọn fún ọdún mẹ́ta, ṣé ẹ ò mọ Màmá ni?

Ìyá Tóbi Apẹ̀tẹ̀, 8:31 alẹ́

Mo mọ̀ wọ́n. Bí a bá gba ìsinmi, èmi náà máa ń tẹ̀ lé e lọ sí Iléṣà. Màmá máa ń gún iyán fún wa. Wọ́n máa ń ri ẹran kan mọ́ ìsàlẹ̀ iyán tèmi, mi ò ní rí i àfi tí mo bá jẹ iyán débẹ̀. Wọ́n ní ọmọ Ìbàdàn, ọkà ló mọ̀, tí kò bá rí ẹran kò ní jẹ iyán tán. Wọn ò sọ fún àwọn ọmọ wọn. Ọ̀rẹ́ mi ò mọ̀ títí dòní.

Ìyá Alágbo, 8:36 alẹ́

Ọmọ mi, ohun tí o máa sọ fún un nìyẹn.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, 8:40 alẹ́

Èmi tí mo ní kí ẹ pè, mo ti dákẹ́ o. Ẹran abẹ́ iyán yẹn ti mú omi wá sí mi lójú.

Ìyá Tóbi Apẹ̀tẹ̀, ọjọ́rú, 6:10 ìrọ̀lẹ́

Mo tún un kọ. Ẹ wò ó:

*Mo purọ́ fún ẹ. Tóbi ò ṣàìsàn, a ò dé ilé ìwòsàn kankan. Owó aṣọ ẹbí ni mi ò ní, ojú sì tì mí láti sọ ọ́ fún ẹ. Lọ́jọ́ tí ò ń sin Màmá, mo jẹ́ kí o máa wá ara ọmọ mi kiri. Ìwọ tí o sùn lórí ẹní nílé wa, tí o ha ìkòkò ní òru, mi ò wá fọ àwo kan fún ẹ.*

*Màmá máa ń fi ẹran pamọ́ sábẹ́ iyán mi. O ò mọ̀. Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹ. Mo rántí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n wọlẹ̀, mi ò lè jẹun.*

*Mi ò sí níbẹ̀, mi ò sì lè padà síbẹ̀. Bí o bá gbà, mo fẹ́ wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kí o sọ fún mi bí wọ́n ṣe ṣe é. Bí o ò bá tíì fẹ́ rí mi, mo máa dúró.*

Ẹ̀gbá ní Pẹ́kàmù, 6:25 ìrọ̀lẹ́

Ẹ má fi kún un, ẹ má yọ kúrò.

Ìyá Alágbo, 6:41 ìrọ̀lẹ́

Ó dáa. Ṣùgbọ́n "bí o bá gbà" yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. A kì í gba àṣẹ kí á tó bẹ̀bẹ̀. Tí o bá béèrè, ó máa ní "má ṣe wàhálà", ìwọ náà á sinmi, ọ̀rọ̀ á sì wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gbéra, kan ilẹ̀kùn.

Télọ̀ Àkúrẹ́, 6:58 ìrọ̀lẹ́

Màmá, níbí ni mi ò ti bá yín lọ. Ẹni tí ẹ bá ká mọ́lé kò ní ibi tó máa bínú sí. Ó ní láti ní kí ẹ wọlé, ó ní láti fún yín lómi, ó ní láti dáríjì yín kí àwọn ará ilé tó dé. Ẹ jẹ́ kó ní ànfààní àti kọ̀. Ohun tí wọ́n bá fipá gbà lọ́wọ́ ẹni, mi ò kà á sí ìdáríjì.

Ìyá Alágbo, 7:04 alẹ́

Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí. Ó dáa, òun ló mọ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Sọ̀rọ̀sókè, 7:20 alẹ́

Ìbéèrè kan. Tó bá wá lọ, ṣé kó wọ aṣọ dúdú ni, àbí kó wá ra lára aṣọ ẹbí yẹn kó wọ̀ ọ́ lọ?

Télọ̀ Àkúrẹ́, 7:26 alẹ́

Ẹ̀yin bọ̀ọ̀dá, ẹ ò lè wọ aṣọ ayẹyẹ tí ẹ ò wá. Àfẹ́fẹ́yẹ̀yẹ́ ni.

Ìyá Alágbo, 7:33 alẹ́

Ìsìn ìrántí ọdún kan lè mú un wọ̀ ọ́, kì í ṣe báyìí. Kó wọ aṣọ iṣẹ́. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní kó bá àwọn ṣiṣẹ́.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, 7:41 alẹ́

Ìjẹ̀ṣà ni o. Òṣómàáló kì í gbàgbé gbèsè. Ẹ wọ aṣọ tí ẹ lè fi lóṣòó.

Ìyá Tóbi Apẹ̀tẹ̀, ọjọ́ Àìkú, 9:30 alẹ́

Ẹ kú alẹ́. Mo ti lọ, mo ti bọ̀.

Mo tẹ̀ ẹ́ láago lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Mo ní, "Mo fẹ́ wá kí ẹ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ṣé mo lè wá?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Mo wà nílé." Ìyẹn ló sọ. Mo gbé lẹ́tà náà sínú báàgì, mo ra búrẹ́dì méjì.

Ó wà lẹ́yìnkùlé, ó gbé atẹ sórí ẹsẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì. Gbogbo ohun tí mo kọ ló parẹ́ lórí mi, àfi gbólóhùn àkọ́kọ́. Mo ní, "Mo purọ́ fún ẹ." Ó ń bó ẹ̀gúsí lọ. Mo sọ ti owó. Mo sọ ti ìkòkò. Ó ń bó ẹ̀gúsí lọ. Nígbà tí mo dé ibi ẹran abẹ́ iyán, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wò mí. Ó ní, "Èmi náà. Mo rò pé èmi nìkan ni wọ́n ń ṣe é fún."

Ó ní, "Dìde, ilẹ̀ tutù." Ó ti atẹ sí àárín wa.

A bó ẹ̀gúsí títí di ìrọ̀lẹ́. Mo ní kó sọ bí wọ́n ṣe ṣe é. Ó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀ kò dúró mọ́. Òjò rọ̀ ní alẹ́ àìsùn, omi wọ inú kánópì. Àlùfáà pe orúkọ Màmá ṣì lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọmọ ọmọ ń jà nítorí ta ni yóò gbé àwòrán. Nígbà tí wọ́n máa sọ pósí kalẹ̀, okùn kan tú díẹ̀, orí lọ sísàlẹ̀ ṣáájú, gbogbo èrò pariwo, òun nìkan ló rẹ́rìn-ín, nítorí Màmá kì í lè dúró kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ wọ ọkọ̀. Ó ní òun ò tíì sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni, pé àwọn èèyàn á ní orí òun ti dàrú.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, láìgbójú sókè, ó ní, "Irú ìrẹsì wo ni Tóbi ń jẹ lọ́jọ́ yẹn?"

Mo ní jọ̀lọ́ọ̀fù.

Ó ní, "Tiwa jóná."

Mi ò béèrè bóyá ó ti dáríjì mí, kò sì sọ. Kò gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi, ó ní kí n fi sábẹ́ atẹ. Nígbà tí mo wọlé lọ mú báàgì, nàìlọ́ọ̀nù aṣọ kan wà lórí àpótí nínú yàrá, wọ́n fi báírò kọ orúkọ mi sára bébà tí wọ́n dè mọ́ ọn. Kò fún mi. Mi ò béèrè.

Télọ̀ Àkúrẹ́, 9:44 alẹ́

Ta ló san án?

Ìyá Tóbi Apẹ̀tẹ̀, 9:51 alẹ́

Mi ò mọ̀. Mo máa padà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, ẹ̀gúsí ṣì kù.